Bí A Ṣe Ń Kí Ará Ilé Kú Ọdún Nílẹ̀ Okun: Kí Ọdún Tó Dé, Lọ́jọ́ Ọdún àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá, Èkó àti Kàdúná máa ń bi wá: "Mò ń lọ sílé lọ́dún yìí. Mo mọ 'Ẹ kú ọdún'. Kí ni mo tún máa sọ tẹ̀ lé e?" Ìbéèrè gidi ni, torí "Ẹ kú ọdún" nìkan kì í tó. Ẹni tó bá sọ ọ́ tó dákẹ́ níwájú àgbà ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú, àgbà náà á ṣì máa wo ẹnu rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kù.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìkíni ọdún: orúkọ àkókò tí a wà, àdúrà tó bá àkókò náà àti ilé náà mu, àti ìdáhùn. Orúkọ àkókò kì í ṣòro. Ìdáhùn náà kò le. Àdúrà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí àdúrà tó dùn nílé kan lè di ọgbẹ́ nílé kejì. Ibẹ̀ la máa dúró sí jù.

Kí ẹ tó la ẹnu

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta yìí wò kí ẹ tó wọ ilé ẹnikẹ́ni:

- Ṣé ọdún kù díẹ̀ ni, àbí ọjọ́ rẹ̀ gan-an la wà, àbí ó ti kọjá?
- Ṣé àgbà ni ẹ ń kí, ẹgbẹ́ yín, tàbí ọmọdé?
- Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé náà láti ọdún tó kọjá? Ẹni tó kú, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí oko rẹ̀ bàjẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kì í mọ̀. Ẹ bi ẹni tó wà nílé, ìyá yín tàbí àbúrò yín, ní alẹ́ tí ẹ bá dé: "Ta ni a ò rí mọ́ ládùúgbò yìí láti oṣù Kìíní? Ta ni ara rẹ̀ kò yá?" Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà yín. Ẹ má tíì jáde lọ kí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó bi í.

Orúkọ àkókò: ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń mú jáde lákọ̀ọ́kọ́

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún, "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún" ló tọ́. Gbogbo ilé ń tún ògiri kùn, wọ́n ń lọ elùbọ́, wọ́n ń ra adìyẹ, iṣẹ́ yẹn sì ni à ń kí wọn fún. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, "Ẹ kú ọyẹ́" lè ṣíwájú rẹ̀, pàápàá láàárọ̀ kùtù nígbà tí àwọn àgbà bá ń yáná.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an, "Ẹ kú ọdún" ni. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀: "Ẹ kú ọdún Kérésì," "Ẹ kú ọdún Àjíǹde," "Ẹ kú ọdún Iléyá," "Ẹ kú ọdún tuntun."

Lẹ́yìn náà ni "Ẹ kú ìyèdún". Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń lò láìfetí sí ohun tó ń sọ. Ìyè àti ọdún ló so pọ̀ di ìyèdún: pé ọdún dé, ó bá ọ láàyè, ìwọ náà sì yè é. Nítorí náà, kì í ṣáájú ọdún. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ti ń kí ènìyàn fún ohun tí kò tíì rí. Lọ́jọ́ ọdún fúnra rẹ̀, a lè so méjèèjì pọ̀: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Láti ọjọ́ kejì ọdún lọ, ìyèdún lè dá dúró.

Àárín Kérésì sí ọdún tuntun ní tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 27 títí di alẹ́ ọjọ́ 31, ẹ ó máa gbọ́ "Ẹ kú òpin ọdún", àdúrà tó sì ń tẹ̀ lé e ni "A ò ní bá ọdún lọ." Àdúrà àwọn ọjọ́ mélòó kan yẹn nìkan ni. Bí aago méjìlá òru bá ti lù nínú ìsìn àìsùn, ọdún ti lọ, ẹ ò sì bá a lọ, ẹ fi àdúrà náà sílẹ̀. À ń rí i lórí fóònù àwọn ènìyàn ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní, ó sì ń fi hàn pé wọ́n kàn fi ránṣẹ́ ni, wọn ò kà á.

"Ẹ", "O" àti "A"

Sí àgbà, àní ẹni tó fi ọdún kan ṣoṣo jù yín lọ tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n, "Ẹ kú ọdún" ni. Sí àbúrò àti ọmọ, "O kú ọdún."

"A kú ọdún" jẹ́ ti ohun tí a jọ ní. Ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ń lò ó, àwọn tó jọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yídì ń lò ó, àgbà sì máa ń fi dá ọmọdé lóhùn láti fà á mọ́ra. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọdé fi "Ẹ" ṣáájú, kí ó jẹ́ kí àgbà mú "A" wá. Bí àgbà bá ti ní "A kú ọdún o", ẹ̀yin náà lè wá sọ pé "A kú ìyèdún."

"Okun": ilẹ̀kùn tó ń ṣí gbogbo ilé

Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ohùn wa kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìkíni kan ló pa wá pọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa: "Okun." Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, okun. Ẹni tó ṣòfò, okun. A ń fẹ́ kí ara onítọ̀hún le, kí agbára rẹ̀ má tán.

Ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tó ń ti ìlú ńlá bọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé kan tí ẹ ò sì mọ bóyá ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀ níbẹ̀ tàbí ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe, "Okun o" kò ní dójú tì yín. Ẹ sọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ojú àwọn tó jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mọ̀ bóyá "Ẹ kú ọdún" ló kàn.

Bí ohùn ìlú yín kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu dáadáa, ẹ má fipá mú un. Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ kò burú lẹ́yìn "Okun". Ohun tó ń bí àgbà nínú ni kí ọmọ fi Òyìnbó kí i kú ọdún nínú àgbàlá tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kí àgbà lọ́jọ́ ọdún

1. Ẹ kí àwọn tó wà nínú ilé tí ẹ sùn kí ẹ tó jáde. Bàbá àti ìyá yín ni àkọ́kọ́, kódà bí ẹ bá ti jọ gbàdúrà òwúrọ̀. Àdúrà òwúrọ̀ kì í ṣe ìkíni.
2. Lẹ́yìn wọn, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ló kàn, ibi yòówù tí ilé rẹ̀ wà. Kíkí àbúrò bàbá yín kí ẹ tó kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín jẹ́ ohun tí wọn yóò sọ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ.
3. Ẹ bọ́ fìlà. Ẹ fi fóònù sápò. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa bí àwọn ọmọ ilé náà ti ń ṣe.
4. Ẹ sọ ìkíni nígbà tí ẹ ṣì wà nílẹ̀: "Okun o, Bàbá. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún."
5. Ẹ má tíì dìde. Àdúrà àgbà ló kàn. Yóò máa wọ́ tẹ̀ lé ara: ọdún á yabo, ẹ̀mí ẹ á ṣe púpọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ kò ní bàjẹ́. Ẹ máa ṣe "Àmín" tàbí "Àṣẹ" lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lópin.
6. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ fi gbólóhùn kan dá a padà: "Ẹ̀mí yín náà á ṣe púpọ̀ rẹ̀." Kan ṣoṣo ti tó. Ọmọdé kì í gbàdúrà gùn lé àgbà lórí.
7. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé ohun tí ẹ mú wá kalẹ̀. Búrẹ́dì méjì tàbí ike òróró kan kò kéré. Ẹ má fi í ṣáájú ìkíni, kí ó má dà bíi pé ẹrù ló ń sọ̀rọ̀ fún yín.

"Ọdún á yabo" máa ń rú àwọn ọ̀dọ́ lójú. Abo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, abo tó ń bí, tó sì tutù. Ọdún tó yabo ni ọdún tó rọ̀, tó mú irè wá, tí kò le koko mọ́ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Àṣẹ", kì í ṣe "Ẹ ṣeun."

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú yín, ìkíni mìíràn ti dé: "Ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á fi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀." Ilé tó bá pa ẹran lọ́dún, tó sì gbọ́ "Ẹ ṣeun" nìkan, yóò rò pé ẹ ò rí ohun tó ná. Bí ẹ bá sì tún pàdé onílé náà lọ́jọ́ kejì, "Ẹ ṣeun àná" ló ń ṣáájú ohun gbogbo. Àìsọ ọ́ jẹ́ àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà sí ìlú ńlá ń ṣe, wọn kì í sì í mọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí lójú.

Ìgbà tí "Àṣèyí ṣàmọ́dún" di ọgbẹ́

Nínú gbogbo àdúrà ọdún, èyí ló gbajúmọ̀ jù. Bí a ti ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe ti àmọ́dún. Nílé tí ara ti le, tí oúnjẹ wà, tí gbogbo ọmọ pé, kò sí àdúrà tó tún dára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí ẹ bá wọ ilé obìnrin tó sin ọkọ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, tí ẹ ní "Àṣèyí ṣàmọ́dún", ẹ ti tọrọ fún un pé kí àmọ́dún rí bí èyí. Òun yóò ṣe "Àmín" nítorí ìwà, ọkàn rẹ̀ yóò sì gbọgbẹ́. Bákan náà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, nílé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí màlúù jẹ oko rẹ̀ tán.

Nílé irú wọn, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ẹ fi "Okun o" ṣáájú, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má pariwo ọdún láti ẹnu ọ̀nà.
2. Ẹ kí wọn fún ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ọdún. Fún ọ̀fọ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú." Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ló fi ọmọ sáyé lọ: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Fún aláìsàn: "Ẹ kú ìnira. Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i."
3. Ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́.
4. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ní "Ẹ kú ọdún", ẹ dá a lóhùn. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ lè rọra fi kún un nígbà tí ẹ bá ń dìde: "Ẹ kú ọdún o. Èyí tó ń bọ̀ á sàn jù èyí lọ. Ayọ̀ la ó fi ṣe àmọ́dún."

Àwọn kan ń yẹra fún ilé ọ̀fọ̀ pátápátá lákòókò ọdún, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ da omi sí wọn lójú. Èyí burú ju gbólóhùn tó ṣìnà lọ. Opó tó rí i pé ẹsẹ̀ ń kọjá ẹnu ọ̀nà òun lọ sí ilé kejì, tí kò sì sí ẹni tó yà, ó mọ ìdí. Ẹ yà. "Okun" wà lẹ́nu yín, ó ti tó láti fi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹnì kan

Ká ní ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ìsánlú. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24. Kò tíì tó àkókò "Ẹ kú ọdún" tó kún, nítorí náà ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná: "Okun o, Màámi. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́." Ìyá rẹ̀ ní, "O káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ọ̀nà dára?" Bí wọ́n ti jọ ń ṣa ẹ̀fọ́, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè àwọn ará àdúgbò. Ìyá sọ fún un pé ọkọ ìyá tó ń ta epo lójúde wọn ti kú láti oṣù Kẹjọ, àti pé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ń ṣe ẹsẹ̀ wíwú.

Láàárọ̀ ọjọ́ 25, ó kí bàbá àti ìyá rẹ̀ ní yàrá, ó gba àdúrà wọn. Lẹ́yìn ìsìn, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá náà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀: "Okun o, Bàbá. Ẹ kú ìnira. Ẹ kú ọdún." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "A kú ọdún, a kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún ọ." Ó ṣe "Àṣẹ". Bàbá ń bá àdúrà lọ, òun náà ń ṣe "Àṣẹ" tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kan òun, ó ní: "Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi rìn wá kí wa lámọ́dún." Kò sọ "Àṣèyí ṣàmọ́dún". Ó mú ohun tó ń dun bàbá, ó sì yí i padà sí àdúrà. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń ṣe èyí kò nílò kí ó há ohunkóhun sórí mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó yà sọ́dọ̀ ìyá elépo, láìwọ aṣọ tó ń dán. "Okun o, Ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ìyá náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀, ó nu ojú, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé, "O kú ọdún o, ọmọ mi. O ṣeun tí o yà." Nígbà náà ni ọmọ náà wá ní, "Ẹ kú ọdún, Ìyá. Ayọ̀ la ó máa bá nínú ilé yìí."

Ní ọjọ́ 26, ó pàdé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́jà. "Ẹ ṣeun àná. Ẹ kú ìnáwó."

Ìkórè àti ọdún ìjẹṣu

Méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. "Ẹ kú ìkórè" jẹ́ ti ẹni tó ń kó irè oko rẹ̀ wálé, ìbáà jẹ́ lójú oko, ìbáà jẹ́ lẹ́bàá abà. "Ẹ kú ọdún ìkórè" jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìjọ gbé irè wá sí ilé Ọlọ́run. Àdúrà tó ń tẹ̀ lé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni "A ó máa fi ayọ̀ kórè", láti inú Orin Dáfídì 126. Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ lọ́nà oko, "Àroko bọ́dún dé o" ṣì ń dùn mọ́ àwọn àgbà, ìdáhùn rẹ̀ sì ni "Àṣẹ o."

Ẹ ṣọ́ra fún àgbẹ̀ tí irè rẹ̀ kò jáde. Kí ẹ tó sọ "Ẹ kú ìkórè", ẹ wo abà rẹ̀. Bí iṣu tó wà lórí igi abà kò bá ju ìlà kan lọ, "Okun. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọlọ́run á fi ti èyí tó ń bọ̀ rọ́pò" ló yẹ ẹ́.

Ní ti iṣu tuntun, irú èyí tí Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú fi lókìkí, "Ẹ kú ọdún ìjẹṣu" ni ìkíni. Níbi tí wọ́n ṣì ń pa àṣà náà mọ́, àwọn àgbà kan kì í fi ẹnu kan iṣu tuntun kí ọjọ́ tó pé. Nítorí náà, ẹ má kí ẹnikẹ́ni kú ìjẹṣu kìkì nítorí pé ẹ rí iṣu tuntun lọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè: "Ṣé ilé ti jẹṣu?"

Ọdún àwọn Mùsùlùmí, àti Àjíǹde

Ní Kàbà, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Lọ́kọ́jà, ilé kan náà lè ní Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ìkíni sì ń lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì láìsí wàhálà, bí ẹ bá ti mọ ọjọ́.

Nínú oṣù Rámádàánì, "Ẹ kú ààwẹ̀" ni. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń já a, "Ẹ kú ìṣínu." Ẹ má yára mú "Ẹ kú ọdún" jáde ní ọjọ́ 29 ààwẹ̀. Oṣù ni wọ́n ń wò. Bí wọn kò bá rí i, ààwẹ̀ yóò pé 30, ẹni tí ẹ kí kú ọdún yóò sì tún jí ṣe sààrì. Ẹ dúró de ìkéde Sọ́tánì Sókótó, tàbí kí ẹ bi onílé léèrè. Ìtúnu ààwẹ̀ ni eléyìí. Iléyá, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja, rọrùn jù ú lọ, torí wọ́n ti máa ń mọ ọjọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Àdúrà tó bá méjèèjì mu ni "Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ wa." Bí onílé bá ní "Bárká dà Sálà", ìkíni àwọn Haúsá tó ti wọlé sí ẹnu wa ní Lọ́kọ́jà, ẹ lè fi òun náà dá a lóhùn.

Fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ló ń fa àṣìṣe. Ọjọ́ Ẹtì Rere kì í ṣe ọjọ́ "Ẹ kú ọdún". Ikú Jésù ni wọ́n ń rántí lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ sì ń gbààwẹ̀. "Ẹ kú ààwẹ̀" tàbí "Ẹ kú ìrántí" tọ́. Láti òru Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Àjíǹde ni ọdún ti dé.

Bí ẹ kò bá lè wálé: ìkíni orí fóònù

Àgbà tó bá lé ní 60 ọdún, ẹ pè é. Ohùn ni ìkíni fún un, àdúrà rẹ̀ sì nílò ẹni tó ń ṣe "Àmín". Ẹ má pè ní aago méjìlá òru ọjọ́ 31. Wọ́n wà ní ìsìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì kún. Aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní dára.

Fún àwọn tó kù, ẹ lè kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ tàbí oyè ẹni náà sókè, ẹ sọ ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí àdúrà wá tẹ̀ lé e. Bí àpẹẹrẹ:

> Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo gbọ́ pé ẹ ti kan òrùlé ilé Kàbà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ọdún tuntun á yabo, ẹ ó fi ayọ̀ gbé inú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: òrùlé. Gbólóhùn yẹn ló ń sọ fún un pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- "Ẹ kú" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. "Ẹkú" di nǹkan mìíràn.
- "Àṣèyí ṣàmọ́dún" ní àmì lábẹ́ "ṣ" méjèèjì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó di ọ̀rọ̀ oúnjẹ sísè.
- Ṣé orúkọ ẹlòmíràn ò kù nínú rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dà á kọ?
- Ṣé ilé ayọ̀ ni ó ń lọ? Bí ọ̀fọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ padà sí ètò tó wà lókè, kí ẹ sì pè dípò kí ẹ kọ̀wé.

Bí àwọn àmì bá ń sọnù lórí fóònù yín, ẹ ṣí Gboard, ẹ wọ `Languages`, ẹ tẹ `Add keyboard`, kí ẹ sì mú `Yoruba`. Ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá di lẹ́tà kan mú pẹ́ díẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ yóò yọ jáde.